Ẹ bá mi yẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí wò: láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ọmọ gbá bọ́ọ̀lù ba ọgbà Bàbá ìtòsí wa

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìrànlọ́wọ́ yín ni mo ń wá, ó sì yá díẹ̀. Nínú ilé wa l'Ájàṣẹ́ níbí, a ní ayálégbé kan tó wá láti Gánà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, Faransé ẹ̀ ò tíì já gaara, Yorùbá ẹ̀ ò sì kọjá ẹ kú àárọ̀ àti pẹ̀lẹ́. Ní Tọ́sìdeè tó kọjá yìí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lọ ba ọgbà páànù Bàbá tó múlé gbè wá, páànù kan tẹ̀ wọnú, èkejì ṣí kúrò lára igi tí wọ́n kàn án mọ́, ìṣó ẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Bàbá ò sí nílé, wọ́n lọ kí ẹbí ní Kétu, ọ̀tunla ni wọ́n ń bọ̀. Bàbá yìí ti dàgbà, wọ́n gbọ́ Faransé ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ sọ ọ́ nínú ilé, ọmọ wọn obìnrin ló sì máa ń ka ìwé fún wọn torí ojú.

Ayálégbé wa kọ ìwé kékeré kan ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí Bàbá bá a nílé tí wọ́n bá dé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ ti bá a sọ ọ́ di Yorùbá, ohun tó kọ nìyí:

"Bàbá ọ̀wọ́n, mo kẹ́dùn gan-an pé bọ́ọ̀lù ọmọkùnrin mi ṣe ìpalára fún ọgbà rẹ lánàá. Ìjàm̀bá ni. Mo gba gbogbo ojúṣe. Jọ̀wọ́ jẹ́ kí n mọ iye owó àtúnṣe, èmi yóò san án. A ti bá a sọ̀rọ̀, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Tìrẹ ní tòótọ́."

Gbogbo ohun tó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo fi wọ́n wéra. Àmọ́ kò wọ̀ mí létí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ kí ìwé yìí dọ́wọ́ Bàbá. Kí la máa yí padà?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ má gba ìwé o! Ìwé ò lè tún páànù ṣe. Ẹ pe olórí àdúgbò, kí bàbá ọmọ náà wá gbé owó yín kalẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, ìgbà yẹn lẹ tó máa sọ̀rọ̀ ẹ má bínú.

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, àwa kọ́ la ni ọgbà. Ọmọ ilé tiwa ló bà á jẹ́, àwa la fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Háà, mo ti sáré kà á. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà dá yín lóhùn.

Tísà Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó kọ èyí gbọ́ Yorùbá, kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó mú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní Yorùbá tirẹ̀, kò wá bi ara ẹ̀ pé kí ni ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá ba nǹkan àgbà jẹ́ máa ń sọ gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó burú jù ni "rẹ" àti "tìrẹ". Gẹ̀ẹ́sì ò ní méjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bá ọmọdé àti ọba sọ̀rọ̀, torí náà ẹni tó ń tú u gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ìwé ń lọ bá kó tó fọwọ́ kan bírò. Bàbá tí ojú wọn ti ń ṣú, ọmọ wọn ń kà á sókè pé "ọgbà rẹ", kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa wọlé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ, yín, tiyín, láti òkè délẹ̀. Ẹ tún yẹ "jọ̀wọ́ jẹ́ kí n mọ" wò, ó ti sá wọ ibẹ̀ láìsí ẹ, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ" ló yẹ kó jẹ́. Irú ìyẹn ló máa ń bọ́ lójú èèyàn torí pé "rẹ" nìkan la máa ń wá.

Ìkejì ni "mo kẹ́dùn". Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó kàn ń báni dárò, tiwa pín sí méjì. Tí èmi bá kọjá, tí mo rí i pé ọgbà Bàbá ti wó, ẹ pẹ̀lẹ́ ni màá sọ, torí èmi kọ́ ni mo wó o. Tí ẹnì kan bá kú ní ilé wọn, màá bá wọn kẹ́dùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ mi ló ṣe é, ẹ má bínú ni, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀bi wà. Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo kẹ́dùn", Bàbá lè gbọ́ ọ bíi pé ìjì ló ṣí páànù wọn tí aládùúgbò wá ń bá wọn dárò. Kí ayálégbé yín má sì fi pẹ̀lẹ́ tó ti mọ̀ rọ́pò o, wọ́n lè jọ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ nìkan ò lè dá ẹ̀bẹ̀ yìí gbé.

Akọ̀wé Ìjọ: Mo fara mọ́ Tísà lórí "ẹ". Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó péye jù ni "mo tọrọ àforíjì". Òun ni wọ́n kọ́ wa, òun ló wà nínú ìwé. Kí ẹ sì tò ó bí lẹ́tà ṣe yẹ, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún lókè, ọjọ́ lábẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà "Bàbá ọ̀wọ́n", ìparí ẹ̀ "Èmi ni tiyín ní tòótọ́". Ẹ tún lè fi òwe kan sí i kó lè dùn, bíi "ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́", kí Bàbá lè rántí pé ọmọdé ni.

Tísà Kétu: Ẹ ṣeun sà. "Mo tọrọ àforíjì" ò burú, àmọ́ ó wúwo. Ẹni tó ṣẹ ìjọ, òṣèlú tó sọ̀sọkúsọ, ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run, àwọn ló máa ń lò ó. Fún páànù méjì, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí wa" sún mọ́ Bàbá jù ú lọ. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìparí.

Ti àdírẹ́sì yẹn, aládùúgbò ni wọ́n, ògiri kan ló là wọ́n. Lẹ́tà tó ní àdírẹ́sì, ohun tí Bàbá máa kọ́kọ́ rò ni pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ di ẹjọ́. Pélébé ìwé kan ti tó.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, òwe yẹn ni mi ò lè gbà. Òwe náà dáa, ẹnu tó máa sọ ọ́ ni kò bá a mu. Pé ọmọdé ni, pé kò mọ nǹkan, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn láti sọ. Bàbá fúnra wọn ló máa sọ pé "ẹ fi í sílẹ̀, ọmọdé ni", nígbà yẹn ọ̀rọ̀ ti tán. Tí bàbá ọmọ bá ti sọ ọ́ ṣáájú wọn, ó ti gba ìdáríjì náà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fún un.

Ìyá Aláṣọ Wàǹdó: Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ yẹn Tísà, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àwọn ọmọ ìtòsí wa da omi ẹlẹ́rẹ̀ sórí aṣọ tí mo sá, aṣọ oníbàárà, mo jáde síta, ìyá wọn ò tíì kí mi tó fi ní "ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n". Inú bí mi ju ti aṣọ lọ. Ká ní ó dákẹ́, èmi fúnra mi ni ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn, kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé? Ṣé ẹsẹ̀ ò lè dé ibẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn mú ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ̀yin onílé tẹ̀ lé e, kí ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó parí.

Ará Àjàṣẹ́: A máa lọ, Ìyá, ìyẹn ti wà nílẹ̀. Bàbá ò sí nílé ni, a ò sì fẹ́ kí wọ́n dé láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n ṣàdédé bá ọgbà tó ti ṣí láìmọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ wọn obìnrin ló máa gba ìwé náà, á kà á fún wọn kí wọ́n tó jáde wò ó.

Tísà Kétu: Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ṣe kókó, torí ó yí ìwé náà padà. Wọ́n máa gbọ́ ọ ni, wọn ò ní kà á. Torí náà kí gbólóhùn má gùn, kí ìkíni wà níwájú. Gẹ̀ẹ́sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní ó gba tẹni rò. Àwa, èèyàn tó ti ìrìn-àjò dé, tí ìwé kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un láìkí i ẹ kú àbọ̀, ó máa ro pé nǹkan ńlá ti bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ yìí náà ló jẹ́ kí "lánàá" di ìṣòro. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa kà á fún Bàbá kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ó ku "ìjàm̀bá ni". Ìjàm̀bá tí à ń gbọ́ lórí rédíò, ti ọkọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. "Ìpalára" náà, ara èèyàn la fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń sọ ni pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀, tàbí èèṣì, méjèèjì tọ̀nà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dá dúró, ẹ so ó mọ́ pé ọmọ mi ló ṣe é. "Kò mọ̀ọ́mọ̀" tó dá wà, àwáwí ni. "Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ ọmọ mi ló ṣe é", ìyẹn ti di ẹ̀bẹ̀.

Bákan náà ni "bọ́ọ̀lù ọmọkùnrin mi ṣe ìpalára". Nínú Gẹ̀ẹ́sì bọ́ọ̀lù lè jẹ́ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Tí Bàbá bá gbọ́ ọ ní Yorùbá, wọ́n á béèrè pé ta ló wá gbá bọ́ọ̀lù náà? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ó gbá a ba ọgbà, páànù báyìí báyìí ló ṣe. Ẹ dárúkọ ohun tó bàjẹ́ gan-an, páànù méjì, kí ẹni tó ń gbọ́ má baà rò pé gbogbo ọgbà ló wó.

Ti "a ti bá a sọ̀rọ̀", ó yẹ kí ẹ bi ayálégbé yín kí ló ní lọ́kàn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ pé wọ́n bá ọmọ náà wí. Ní tiwa, bíbá sọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Tó bá jẹ́ ìbáwí ni, "a ti bá a wí" ló jẹ́.

Ará Àjàṣẹ́: Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. "Mo gba gbogbo ojúṣe" ńkọ́? Òun ló gbọ́kàn lé jù, ó ní kí n má yọ ọ́.

Tísà Kétu: Ẹ má yọ ọ́, ẹ kàn sọ ọ́ lọ́nà míràn. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún aládùúgbò ẹ̀ pé òun gba ojúṣe. Ohun tó máa ṣe ni kó sọ, "èmi ni màá tún un ṣe". Ó ti gbà á nìyẹn.

Iye owó ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún. "Ẹ jẹ́ kí n mọ iye tó jẹ́" dáa ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọlúwàbí ni. Àmọ́ àgbà míì máa gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ní kó wá dá iye lé ọgbà ẹ̀ kó sì wá gbowó lọ́wọ́ ọmọdé, á ní "ẹ fi sílẹ̀" pẹ̀lú ìbínú, ọgbà á wà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó wá tún un ṣe, kí owó wá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n èyí ti kúrò ní títú ọ̀rọ̀ o, a ti ń yí ohun tó ṣèlérí padà. Ẹ kọ́kọ́ bi í, kó gbà.

Ọmọ Sákété: Mo fẹ́ dá sí "kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́". Ṣé Mùsùlùmí ni Bàbá? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, inṣà Alláhù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ta ló lè búra fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù?

Ìyá Aláṣọ Wàǹdó: Mùsùlùmí lèmi náà, mi ò fara mọ́ ọn níbí. Tí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè bá ní inṣà Alláhù, mo ti mọ̀ pé owó yẹn ò dé mọ́. Kó sọ ohun tó máa ṣe.

Ọmọ Sákété: Ti àwọn ajigbèsè nìyẹn, Ìyá. Ẹ má jẹ́ ká fi ti wọn ba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́. Bàbá tó ti dàgbà, ó máa ń wá a nínú ọ̀rọ̀, tí kò bá rí i á ní ọmọ yìí ń gbéra ga.

Tísà Kétu: Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó kọ ìwé kì í ṣe Mùsùlùmí bóyá, ẹ bi í. Ohun tí mo rí ni pé ìlérí náà gbòòrò jù. "Kò ní gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yín mọ́" ṣe é mú ṣẹ.

Ará Àjàṣẹ́: Mo ti lọ bá a. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo ohun tí Yorùbá tuntun náà ń wí fún un, ká má baà kọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Ó gbà láti pe ẹni tí Bàbá bá fẹ́, ó ní òun á san gbogbo ẹ̀. Ìbáwí ló ní lọ́kàn, ó bá ọmọ náà wí gan-an ni, ó sì ti ní pápá ilé ìwé ni kó ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Kìrìsìtẹ́nì ni, ó ní òun ò fẹ́ kọ inṣà Alláhù torí kò ní jọ òótọ́ lẹ́nu òun. Mo bi í bóyá ká fi "mo dọ̀bálẹ̀ fún yín" sí i, ó rò ó, ó ní tí òun bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá òun á ṣe bí wọ́n bá ṣe ní kí òun ṣe, àmọ́ kí a má kọ ohun tí òun ò tíì ṣe sínú ìwé.

Tísà Kétu: Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ yẹn, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ wo èyí nígbà náà:

"Bàbá wa, ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ìrìn. Ẹbí tí ẹ lọ kí ńkọ́? Èmi ni tísà ará Gánà tó ń gbé nílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó gbá a ba ọgbà yín. Páànù kan tẹ̀, èkejì ṣí kúrò lára igi. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ ọmọ mi ló ṣe é, èmi ni màá sì tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú sí wa. A ti bá a wí, pápá ilé ìwé ni yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Tí ẹ bá ti sinmi, èmi àti ọmọ náà á wá kí yín, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó bá wa tún ọgbà ṣe, gbogbo owó ẹ̀ á ti ọwọ́ mi wá."

Lẹ́yìn náà kó kọ orúkọ ẹ̀. Kò nílò "tiyín ní tòótọ́".

Akọ̀wé Ìjọ: Ó dáa gan-an. Èmi ì bá ṣì fi àforíjì kan sí i.

Ará Àjàṣẹ́: Ó kan ara mi bí mo ṣe ń kà á sókè, Tísà, ẹ ṣé gan. Mo kà á fún òun náà, ó kọ́kọ́ béèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ tòun wà, torí ó ti sún lọ sí àárín. Mo ní ìkíni àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣáájú ẹ̀, pé Bàbá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń bẹ àwọn fún kí ẹ̀bẹ̀ tó dé. Ó gbà.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Alẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo pẹ́ dé. Èmi máa ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní kíláàsì alẹ́. Irú ìkọ̀wé wo lẹ máa fi kọ ọ́? Ohun tí à ń kọ́ wọn ní Bẹ̀nẹ̀ níbí ni "Ɛ jɔ̀ɔ́, ɛ má bínú", "kpáànù", "kpákpá". Tó bá jẹ́ kíláàsì yẹn ni ọmọ Bàbá ti kọ́ ìwé, "páànù" lè dá a dúró díẹ̀.

Ará Àjàṣẹ́: Kùránì Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá ló máa ń kà fún Bàbá, mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ Jímọ̀ọ́.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Alẹ́: Ó ti mọ ìkọ̀wé tó ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà nìyẹn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹ kàn rí i pé àmì ohùn wà lórí "bá a wí", kó má baà kà á gbà ibòmíràn kó tún padà. Tó bá dúró láàárín ẹ̀bẹ̀, Bàbá á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ìyá Aláṣọ Wàǹdó: Ta ló máa fi ọwọ́ kọ ọ́? Ẹ má jẹ́ kó wà nínú tẹlifóònù o.

Ará Àjàṣẹ́: Òun fúnra ẹ̀ ló ń wò ó kọ báyìí, lẹ́tà lẹ́tà, èmi jókòó tì í. Ọmọ náà ní òun fẹ́ kọ orúkọ tòun sí abẹ́ ti bàbá òun. Ṣé kó kọ ọ́?

Tísà Kétu: Kó kọ ọ́.